Ìdọ́gba tó ṣeé pín sọ́tọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìdàgbàsókè, ìtutù àti àwọn ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́

Kí là ń pè ní ìdọ́gba tó ṣeé pín sọ́tọ̀?

Ìdọ́gba dífúrẹ́ńṣíà kì í sọ iye tí nǹkan jẹ́ fún wa. Bí nǹkan náà ṣe ń yára yí padà ló máa ń sọ. Nítorí náà, ohun tí à ń wá nínú rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà kan, fọ́múlà ni: fọ́múlà tí yóò sọ iye y fún wa ní ibikíbi tí x bá wà.

Irú rẹ̀ kan ṣeé pín sọ́tọ̀ bí a bá lè kọ apá ọ̀tún rẹ̀ bí ohun méjì tí a sọ di púpọ̀, tí ọ̀kan ní x nìkan nínú, tí èkejì sì ní y nìkan: dy/dx = f(x)·g(y). Nígbà náà, a lè kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti y sí ẹ̀gbẹ́ dy, kí a kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti x sí ẹ̀gbẹ́ dx, kí a sì íńtígíréètì apá méjèèjì. Gottfried Leibniz ti ṣàlàyé ọ̀nà yìí nínú lẹ́tà tó kọ sí Christiaan Huygens ní 1691, ọ̀nà náà la ṣì ń lò títí dòní.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìdọ́gba kan ṣeé pín?

Ẹ má fi ojú lásán wò ó. xy + x dàbí ìròpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa x síta, ó di x(y + 1), ó sì ti ṣeé pín. e^(x+y) náà ṣeé pín, torí pé e^x·e^y ni. Àmọ́ x + y kò ṣeé pín, bó ti wù kí ẹ yí i tó.

Bí ojú kò bá gbé e, ìdánwò kan wà tó yá. Ẹ mú x méjì àti y méjì, kí ẹ pe apá ọ̀tún ní F. Bí F bá ṣeé pín, F(1,1)·F(2,2) gbọ́dọ̀ bá F(1,2)·F(2,1) dọ́gba. Fún x + y, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 2 × 4 = 8, ti èkejì jẹ́ 3 × 3 = 9. Wọn kò dọ́gba, ọ̀rọ̀ parí, kò ṣeé pín. Bí wọ́n bá dọ́gba ní ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pé ó ṣeé pín, ṣùgbọ́n ó tó láti tún fi ojú sí i kí ẹ wá ohun tí ẹ lè fà síta.

Àṣìṣe tí à ń rí jù níbí ni kí èèyàn sọ dy/dx = x + y di dy − y dx = x dx, kó wá íńtígíréètì y dx bí ẹni pé xy ni. Kì í ṣe xy. A kò tíì mọ bí y ṣe ń yí padà bí x ṣe ń yí padà, ohun tí a ṣì ń wá gan-an nìyẹn, nítorí náà a kò lè íńtígíréètì rẹ̀. Irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, kì í ṣe èyí.

Ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká mú dy/dx = x/y, kí y sì jẹ́ 3 nígbà tí x jẹ́ 0. A pín in sọ́tọ̀: y dy = x dx. A íńtígíréètì apá méjèèjì: y²/2 = x²/2 + C. A fi ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fún wa sí i lójú ẹsẹ̀: 9/2 = 0 + C, nítorí náà C = 9/2. Ó di y² = x² + 9.

Rúùtù méjì ló wà, ti ròpọ̀ àti ti yọkúrò. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ń yan èyí tí a ó mú. Torí pé 3 kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo, y = √(x² + 9) ni ìdáhùn. Ẹni tó bá kọ ± síbẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣe dífúrẹ́ńṣíéètì ìdáhùn yín: x/√(x² + 9), èyí tí í ṣe x/y gẹ́lẹ́. Ìgbésẹ̀ yìí kò gbà ju ìlà kan lọ, òun ló sì máa ń tú àṣìṣe fó ju gbogbo ìyókù lọ.

Ṣé ó tọ̀nà láti máa gbé dx kiri bí ẹni pé ìda ni dy/dx?

Ó tọ̀nà níbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé dy/dx jẹ́ ìda. Ohun tí à ń ṣe gan-an ni pé a fi g(y) pín apá méjèèjì, ó di (1/g(y))·dy/dx = f(x), a sì íńtígíréètì apá méjèèjì lórí x. Ìlànà ìfirọ́pò nínú íńtígíréṣọ̀n ló wá sọ pé (1/g(y))·(dy/dx) dx kò yàtọ̀ sí (1/g(y)) dy. Gbígbé dx kiri jẹ́ ọ̀nà kúkúrú láti kọ ìyẹn. Ẹ lò ó láìfòyà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ ti fi g(y) pín nǹkan. A óò padà sórí ìyẹn nísàlẹ̀.

Ìgbà wo ni kí n fi C sí i, kí sì ló dé tó fi jẹ́ ẹyọ kan?

Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti íńtígíréètì, lórí ìlà yẹn gan-an, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá fi í sílẹ̀ nínú àpẹẹrẹ òkè yìí. Yóò kọ y²/2 = x²/2, yóò rí y = x, yóò wá rántí pé C yẹ kó wà, yóò sì fi 3 kún un kí ìbẹ̀rẹ̀ lè bára mu: y = x + 3. Ó bá ìbẹ̀rẹ̀ mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n dífúrẹ́ńṣíà rẹ̀ jẹ́ 1 ní gbogbo ibi, bẹ́ẹ̀ x/y tí ìdọ́gba béèrè fún jẹ́ x/(x + 3). Fọ́múlà náà kò bá ìdọ́gba mu rárá. Rúùtù ti kọjá lórí ìlà náà kí C tó dé, C tó bá sì dé lẹ́yìn rúùtù kì í ṣe C kan náà mọ́.

Ẹyọ kan tó nítorí pé bí ẹ bá fi C₁ sí apá òsì, tí ẹ fi C₂ sí apá ọ̀tún, ẹ lè kó C₁ lọ sí ọ̀tún, kí C₂ − C₁ sì di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Òun náà la pè ní C.

Níbo ni A ti wá nínú y = Ae^(kx)? C ni mo ní.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti dy/dx = ky. Pípín sọ́tọ̀ fún wa ní dy/y = k dx, íńtígíréṣọ̀n sì fún wa ní ln|y| = kx + C. Bí a bá gbé apá méjèèjì sórí e, ó di |y| = e^(kx + C) = e^C·e^(kx). Ẹ ṣàkíyèsí pé C wà lókè, lára ìsípò, nítorí náà nígbà tó bọ́ sílẹ̀ ó di ìlọ́po, kì í ṣe ìròpọ̀. Àìmọye èèyàn ló ń kọ e^(kx) + C níbí, àṣìṣe ńlá sì ni.

e^C kò lè jẹ́ òdo, kò sì lè wà lábẹ́ òdo. Nígbà tí a bá yọ àmì | | kúrò, y lè jẹ́ e^C·e^(kx) tàbí −e^C·e^(kx). Dípò ká máa gbé ± kiri, a pe gbogbo rẹ̀ ní A. Tí x bá jẹ́ 0, y = A, nítorí náà A kò ju iye tí nǹkan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Báwo ni mo ṣe máa rí k nínú ìbéèrè ìdàgbàsókè?

Ìbéèrè kì í sábà fún yín ní k tààrà. Ó máa ń fún yín ní iye tó wà lẹ́yìn àkókò kan, tàbí àkókò tí nǹkan fi ń di ìlọ́po méjì. Kòkòrò *Escherichia coli*, bí oúnjẹ àti ooru bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, lè di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ìyẹn ni pé 2 = e^(20k), nítorí náà k = ln 2 / 20, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 0.0347 fún ìṣẹ́jú kan. Bí 500 bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn wákàtí 3 a ó ní 500·e^(0.0347 × 180), tó sún mọ́ 256,000. Ẹ lè fi orí yẹ̀ ẹ́ wò: 20 ìṣẹ́jú wọ inú wákàtí 3 lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, 2⁹ sì jẹ́ 512.

Ohun méjì ló máa ń bàjẹ́ níbí. Èkíní ni pé k tí a rí ní ìṣẹ́jú, ẹnìkan á fi wákàtí 3 sí i bí ó ti wà, á sì rí pé àwọn kòkòrò náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ sí i rárá. Èkejì ni kí èèyàn tètè gé k sí 0.03. Ìsípò ni k wà, nítorí náà àléébù kékeré ibẹ̀ á di ńlá: 0.03 fún yín ní nǹkan bí 110,700, kò tó ìdajì iye tòótọ́. Ẹ fi ln 2 / 20 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé ìlà tó kẹ́yìn.

Ṣé ìdọ́gba kan náà ni ti kábọ̀nù tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí egungun?

Òun náà ni, àmọ́ k rẹ̀ wà lábẹ́ òdo. Kábọ̀nù-14 máa ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí 5,730 ọdún, nítorí náà ln 2 / 5,730 fún wa ní 0.000121 fún ọdún kan, ìdá tó ṣẹ́kù lẹ́yìn t ọdún sì jẹ́ e^(−0.000121t).

Ní 1965, ikọ̀ awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wú egungun èèyàn kan jáde ní Ihò Eléérú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àyẹ̀wò èédú tó wà nítòsí rẹ̀ sì fún wọn ní nǹkan bí 11,200 ọdún. Bí ẹ bá fi 11,200 sí fọ́múlà náà, ẹ ó rí 0.258: ohun tó ṣẹ́kù nínú èédú náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kábọ̀nù-14 tí igi náà ní nígbà ayé rẹ̀. Kí ẹ má bàa ṣìnà: ọjọ́ orí tí ilé àyẹ̀wò máa ń kọ jáde, 5,568 ọdún, kì í ṣe 5,730, ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ nípa àdéhùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún un ṣe sí ọdún kàlẹ́ńdà. Nọ́ńbà méjèèjì kò jìnnà síra: 5,568 yóò sọ 0.258 òkè yìí di 0.248. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ nínú ìṣirò kan ṣoṣo yóò rí ìdáhùn tí kò bára mu.

Báwo la ṣe ń yanjú ìbéèrè ìtutù?

Isaac Newton tẹ èrò yìí jáde ní 1701 láìfi orúkọ rẹ̀ sí i: bí ohun gbígbóná ṣe ń yára tutù wà ní ìbámu pẹ̀lú bí ìgbóná rẹ̀ ṣe ga ju ti àyíká lọ. Ní ìdọ́gba, dT/dt = −k(T − Tₐ), níbi tí T jẹ́ ìgbóná ohun náà, Tₐ jẹ́ ti afẹ́fẹ́ àyíká, k sì ga ju òdo lọ. Ẹ gbé ife omi kan kalẹ̀ nínú yàrá tó wà ní 30°C. Omi náà jẹ́ 90°C nígbà tí ẹ gbé e kalẹ̀, ó sì di 70°C lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Ìgbà wo ni yóò di 40°C?

A pín in sọ́tọ̀: dT/(T − 30) = −k dt. A íńtígíréètì: ln|T − 30| = −kt + C, tó di T − 30 = Ae^(−kt). Ní ìbẹ̀rẹ̀, 90 − 30 = 60, nítorí náà A = 60. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, wọ́n á fi 90 sí ipò A. Kì í ṣe ìgbóná omi ló ń dín ní ìlọ́po, bí ó ṣe ga ju àyíká lọ ni.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, 40 = 60e^(−10k), nítorí náà e^(10k) = 1.5, k = ln 1.5 / 10, tó jẹ́ nǹkan bí 0.0405. Fún 40°C, 10 = 60e^(−kt), nítorí náà t = ln 6 / k = 1.7918 / 0.04055, nǹkan bí ìṣẹ́jú 44.

Ẹ fi orí yẹ̀ ẹ́ wò láìlo lọ́ọ̀gì. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ohun tó fi ga ju yàrá lọ ń dín sí ìdá méjì nínú mẹ́ta: 60, 40, 26.7, 17.8, 11.9. Ní ìṣẹ́jú 40, omi wà ní 41.9°C, nítorí náà 44 bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó bá ṣírò pé ó ń dín 20 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá yóò sọ pé ìṣẹ́jú 25 ni, yóò tún sọ pé omi yóò tutù ju yàrá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30.

Fọ́múlà mi ní kí omi máa gbóná sí i. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Àmì ni. Bí ẹ bá kọ dT/dt = −k(Tₐ − T), ẹ ti yí àmì padà lẹ́ẹ̀mejì, T yóò sì máa sá jìnnà sí Tₐ. Ẹ kọ ọ́ bí −k(T − Tₐ) nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ ohun gbígbóná ló ń tutù tàbí omi yìnyín ló ń gbóná. Fún omi 5°C nínú yàrá 30°C, A yóò jẹ́ −25 fúnra rẹ̀, T = 30 − 25e^(−kt) yóò sì máa gòkè lọ sí 30. Kò yẹ kí ẹ tún yí àmì kankan padà.

Àṣìṣe kejì tó jọ ọ́: ìgbà tí ẹ bá íńtígíréètì dT/(30 − T), −ln|30 − T| ni, kì í ṣe ln|30 − T|. Àmì ìyọkúrò yẹn máa ń sọnù.

Mo fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n, ìdáhùn kò bá fọ́múlà mu. Ṣé òfin náà kò tọ́ ni?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò yìí. Ẹ wọn T ní àkókò tó dọ́gba síra, ẹ yọ Tₐ kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ti ìṣáájú pín èyí tó tẹ̀ lé e. Bí òfin náà bá ṣiṣẹ́, ìda kan náà ni ẹ ó máa rí. Lórí gíráàfù, ln(T − Tₐ) yóò jẹ́ ìlà gbọọrọ.

Bí ìda náà bá kéré ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ń sún mọ́ 1 bí omi ṣe ń tutù, ohun tó fà á jù ni pé ife kò ní ìdérí. Èéfín tó ń jáde lára omi gbígbóná ń gbé ooru lọ, ó sì pọ̀ jù nígbà tí omi gbóná gan-an, nítorí náà k kò dúró lójú kan. Ẹ dé e, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ìda bá ń yí padà ní ìparí nìkan, ó ṣeé ṣe kí Tₐ tí ẹ lò máà jẹ́ òótọ́: nígbà tí T ti sún mọ́ Tₐ, àṣìṣe dígírì kan nínú Tₐ ti pọ̀ púpọ̀ nínú T − Tₐ.

Òfin náà ní ààlà tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó dára fún ohun tí kò gbóná ju àyíká lọ púpọ̀, pàápàá níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ú. Irin tó pọ́n nínú iná alágbẹ̀dẹ ń tú ooru jáde nípa ìtànṣán, èyí tó ń bá ìsípò kẹrin ìgbóná lọ, kò sì sí k kan ṣoṣo tó lè gbà á.

Wọ́n ní mo sọ ìdáhùn kan nù. Níbo ló lọ?

Ìgbà tí ẹ fi g(y) pín ni. Kò sí ẹni tó lè fi òdo pín nǹkan, nítorí náà gbogbo y tó bá sọ g(y) di òdo ti jáde kúrò nínú iṣẹ́ yín láìsọ̀rọ̀. Nínú dy/dx = ky, ìdáhùn tó sọnù ni y = 0. Nínú ìtutù, T = Tₐ ni: omi tó ti bá yàrá dọ́gba tẹ́lẹ̀, tó sì dúró bẹ́ẹ̀. A máa ń rí àwọn méjì yìí padà bí a bá gbà kí A jẹ́ 0, nítorí náà kò hàn pé wọ́n sọnù rí.

Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Nínú dy/dx = y², pípín fún wa ní y = 1/(C − x), kò sì sí C kankan tó lè sọ ìyẹn di 0. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ y = 0 lọ́tọ̀. Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ kọ g(y) = 0 sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yín, kí ẹ sì wá gbogbo y tó bá a mu.

Ṣé fọ́múlà tí mo rí ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo x?

Rárá. Ẹ mú dy/dx = y² náà, kí y jẹ́ 1 nígbà tí x jẹ́ 0. Ó di y = 1/(1 − x). Ní x = 0.9, y ti di 10, ní 0.99, ó di 100. Ní 1, kò sí y mọ́. Fọ́múlà náà tún fún yín ní −1 nígbà tí x jẹ́ 2, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti ìdáhùn yín, torí pé ọ̀nà kò sí láti ọ̀dọ̀ 1 lọ síbẹ̀ láìkọjá lórí ibi tó ti já. Ẹ kọ x < 1 sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn náà.

Omi inú drọ́ọ̀mù mi gbẹ, síbẹ̀ fọ́múlà ní ó tún ń kún. Kí ni kí n ṣe?

Drọ́ọ̀mù tó dúró ṣánṣán, tó ní ihò ní ìdí, ń dín ní dh/dt = −k√h, níbi tí h jẹ́ gíga omi. Pípín sọ́tọ̀ fún wa ní dh/√h = −k dt, íńtígíréṣọ̀n fún wa ní 2√h = −kt + C. Bí omi bá ga ní 100 sẹ̀ǹtímítà, tó sì di 81 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, √h ti 10 bọ́ sí 9, ìyẹn 0.5 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà √h = 10 − 0.5t, drọ́ọ̀mù yóò sì gbẹ ní ìṣẹ́jú 20.

Bí ẹ bá sọ ọ́ di h = (10 − 0.5t)², tí ẹ fi t = 30 sí i, yóò fún yín ní 25 sẹ̀ǹtímítà. Àmì √h ló ti dáàbò bò yín tẹ́lẹ̀: kò lè wà lábẹ́ òdo, nítorí náà ìlà náà dópin ní ìṣẹ́jú 20. Ìgbà tí ẹ gbé e sí ìsípò kejì ni ẹ pàdánù ààbò yẹn. Ìdáhùn tó pé ni h = (10 − 0.5t)² títí dé ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà h = 0, èyí tí í ṣe ìdáhùn tí a fi √h pín dànù ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ó tún ní ohun kan tí kò sí nínú ìtutù. Bí ẹ bá bá drọ́ọ̀mù náà ní gbígbẹ, ìdọ́gba yìí kò lè sọ fún yín ìgbà tó gbẹ: ó lè jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ láti àná. Ọ̀pọ̀ ìdáhùn ló gba h = 0 kọjá, gbogbo wọn ló sì bá ìdọ́gba mu. Ohun tó fà á ni pé √h ń gòkè ṣánṣán láti òdo, bí ó ṣe ń yára gòkè níbẹ̀ kò ní ààlà. Níbikíbi tí g(y) bá rí bẹ́ẹ̀ ní ibi tó ti jẹ́ òdo, ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo lè má tó láti yan ìdáhùn kan, ẹ lè ní láti mọ ohun mìíràn nípa nǹkan náà fúnra rẹ̀.